Ilé Funfun Méjì Tó Ń Ṣẹ́ Kù: Ọ̀rọ̀ Lórí Pátákó Ṣẹ́ẹ̀sì Tí A Gé Igun Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ wà níwájú níbí, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀, torí pé bí nǹkan ò bá yé yín, ẹ kì í mi orí bíi pé ó ti yé yín. Àwa àgbà la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo gbé dání. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ni. Ojú mẹ́jọ ló ní ní ìbú, mẹ́jọ ní òró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 64. Ilé ni màá máa pe àwọn ojú wọ̀nyí, kí ọ̀rọ̀ lè yá. Mo tún mú dómínò dání. Dómínò kan gùn tó ilé méjì tó fara kanra, kò lé, kò dín. Ẹ lè tẹ́ ẹ sí ìbú, ẹ lè tẹ́ ẹ sí òró. Ẹ ò lè gé e sí méjì, ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ gun èkejì lórí.

Tí mo bá ní kí ẹ fi dómínò bo odidi pátákó yìí, ṣé iṣẹ́ ni? Kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ to mẹ́rin sí ìlà kan, ẹ to mẹ́rin sí ìlà kejì, títí tí 32 á fi pé. Ọ̀nà tí a lè gbà tò ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 1961, àwọn onímọ̀ físíìsì rí ìlànà tí èèyàn fi lè ka gbogbo ọ̀nà náà láìtẹ́ dómínò kankan. Iye tó jáde fún pátákó yìí ni 12,988,816. Ó ju mílíọ̀nù méjìlá lọ.

Wàyí o, mo mú sáàsì. Mo gé ilé tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, mo jù ú nù. Mo gé ilé tó wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, mo jù ú nù. Igun méjì tó kọjú síra wọn ni mo gé yẹn. Mélòó ló kù? 62. Dómínò mélòó ló yẹ kó bo 62? 31.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé 31 dómínò lè bo ohun tó kù yìí tán, láìsí ilé kankan tó ṣófo, láìsí dómínò kankan tó yọ síta?

Ẹni tó bá gbà pé ó ṣeé ṣe, kó na ọwọ́ sókè. Áà! Ẹ pọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe na ọwọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

Ohun tí ojú mi rí

Ọ̀mọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Max Black ló fi àdììtú yìí sínú ìwé rẹ̀ kan lórí bí èèyàn ṣe ń ronú, lọ́dún 1946. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kàn ya pátákó sí ẹ̀yìn ìwé mi, ó fi gègé pa igun méjì rẹ́, ó ní kí n lọ tò ó. Mo rò pé wákàtí kan á ti pọ̀ jù.

Mo gé páálí sí 31. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mo tò ó, mo tò ó, mo tẹ́ 30 sílẹ̀ láìsí wàhálà. Ó ku páálí kan lọ́wọ́ mi, ó ku ilé méjì lórí pátákó. Ẹ gbọ́, ilé méjì, páálí kan! Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ilé náà wà lókè, èkejì wà ní ìsàlẹ̀. Mo ní, "Mo ti débẹ̀ tán." Mo tú apá kan, mo tún un tò. Ó tún ku méjì. Ìgbà kan, méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, igun wọn kan igun. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tì wọ́n díẹ̀, wọ́n á sún pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi pátákó kékeré hàn yín, kí ẹ lè rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mú èyí tó jẹ́ mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Ìlà mẹ́rin ló ní, ẹ jẹ́ ká kà á láti òkè wá. Mo gé ilé àkọ́kọ́ nínú ìlà kìíní, mo gé ilé tó gbẹ̀yìn nínú ìlà kẹrin. 14 ló kù, dómínò méje ló yẹ kó gbà.

Ìlà kìíní: mo tẹ́ dómínò sórí ilé kejì àti ìkẹta. Ilé kẹrin wá dá wà, kò sí ibòmíràn tó lè nà sí ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà mo tẹ́ dómínò láti orí rẹ̀ bọ́ sí ilé kẹrin nínú ìlà kejì. Ìlà kejì ku ilé mẹ́ta. Mo tẹ́ dómínò sórí méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta nà sí ìsàlẹ̀, ó wọ ìlà kẹta. Nínú ìlà kẹta, mo tẹ́ dómínò sórí ilé kìíní àti ìkejì. Nínú ìlà kẹrin, bákan náà. Dómínò mẹ́fà ti wọlẹ̀. Kí ló kù? Ilé tó gbẹ̀yìn nínú ìlà kẹta, àti ilé kẹta nínú ìlà kẹrin. Àwọn méjèèjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun tí mo gé. Ibi tí wọn ì bá ti fi fara kanra ni mo ti jù nù yẹn.

Mo padà sórí pátákó ńlá mi. Ó ti di ọ̀gànjọ́. Mo wá ń ṣe ohun kan tí gbogbo ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ máa ń ṣe: mo ń lé ihò káàkiri. Ilé kan ṣófo níbí. Dómínò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ kọjú sí i. Mo fa dómínò yẹn sún mọ́ ibí ní ilé kan. Ihò yìí dí, òmíràn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn dómínò náà. Mo tún fa òmíràn. Mo fẹ́ lé ihò kan títí tí yóò fi bá èkejì rẹ̀, bí ẹni ń lé adìẹ wọ agbọ̀n.

Àbúrò mi obìnrin ló jí mu omi. Ó dúró sẹ́yìn mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ló dé tó jẹ́ pé orí funfun nìkan ni ihò yẹn máa ń bà sí?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo wo pátákó. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń bá a jìjàkadì láti ìrọ̀lẹ́, mi ò sì fìgbà kan wo àwọ̀ rẹ̀.

Ohun tí àwọ̀ ń sọ

Ọ̀rọ̀ àsọyé mi gan-an ló bẹ̀rẹ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀, kò gùn.

Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ní ilé dúdú àti ilé funfun, a sì tò ó débi pé ilé méjì tó fara kanra kì í jẹ́ àwọ̀ kan náà láé. Lókè dúdú, funfun wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, funfun wà. Dómínò kan sì rèé, ilé méjì tó fara kanra ló ń bò. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá tẹ́ ẹ sí, ní ìbú tàbí ní òró, ní àárín tàbí létí, dúdú kan àti funfun kan ló máa bò. Kò sí dómínò tó lè bo dúdú méjì. Kò sí èyí tó lè bo funfun méjì.

Bí ẹ bá tẹ́ dómínò mẹ́wàá, dúdú mẹ́wàá àti funfun mẹ́wàá ni ẹ ti bò. Bí ẹ bá tẹ́ 31, dúdú 31 àti funfun 31 ni. Ó dọ́gba dandan ni.

Ó wá ku kí a ka ohun tó wà lórí pátákó. Kó tó di pé a gé e, dúdú jẹ́ 32, funfun jẹ́ 32. Igun méjì tí mo gé ńkọ́? Àwọ̀ wo ni wọ́n? Ẹ jẹ́ ká rìn. Mo fi ìka mi lé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Nígbà tí a bá tẹ́ pátákó bó ṣe tọ́ fún ayò, dúdú ni igun yẹn. Mo rìn ní ẹsẹ̀ méje sí ọ̀tún, mo rìn ní ẹsẹ̀ méje sókè, mo dé igun kejì. Ẹsẹ̀ 14. Ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ń yí padà: dúdú, funfun, dúdú, funfun. Nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló padà sí. Dúdú ni igun kejì náà.

Dúdú méjì ni mo gé. Ó ku dúdú 30, ó ku funfun 32.

Ṣé ẹ ti rí i? Dómínò 31 ń béèrè dúdú 31. Ọgbọ̀n péré la ní. Kò sí bí ẹ ṣe lè tò ó. Kò sí ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí kankan tí ẹnì kan á rí lọ́la. Àwíyé ti parí: kò ṣeé ṣe, kò lè ṣeé ṣe láéláé.

Ẹ padà wá wo òru tí mo fi ṣòfò. Nígbà tí mo tẹ́ 30 dómínò, mo ti ná gbogbo dúdú tán, 30 nínú 30. Funfun méjì ló kù, funfun méjì kì í sì fara kanra. Nígbà tí mo bá há sí 29, ilé mẹ́rin ló ń kù: funfun mẹ́ta, dúdú kan. Bí mo bá há sí 28, mẹ́fà ló ń kù: funfun mẹ́rin, dúdú méjì. Ibi yòówù kí n há sí, funfun fi méjì ju dúdú lọ. Ihò tí mo ń lé kiri ńkọ́? Nígbà tí mo bá fa dómínò kan sún ní ilé kan, ihò náà fo ilé méjì. Láti orí funfun, ó fo dúdú kọjá, ó bà sórí funfun. Bí mo bá tiẹ̀ lé e di àárọ̀, kò ní bà sórí dúdú. Ohun tí mo pè ní "mo ti débẹ̀ tán" yẹn, mi ò sún mọ́ ọn rárá.

Ẹnì kan lè ní, "Bí o bá gé igun méjì tó jẹ́ funfun ńkọ́?" Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà po. Funfun á ku 30, dúdú á ku 32, ibì kan náà la já sí.

Bí a bá fi àwọ̀ míràn kùn ún ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní àwọ̀ ló ṣe é, bí ẹni pé ọ̀dà ní agbára. Pátákó tí ọ̀rẹ́ mi yà sí ẹ̀yìn ìwé mi, òun fúnra rẹ̀ ló fi gègé kun ún ní dúdú àti funfun. Ká ní ó yà á láìkùn ún, ṣé á ṣeé tò? Kò ní ṣeé tò. Pátákó ò mọ̀ bóyá wọ́n kun òun. Àwọ̀ wulẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń ka nǹkan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tóò, ẹ jẹ́ ká kun ún lọ́nà míràn. Ẹ kun ìlà kìíní ní dúdú láti òsì dé ọ̀tún, ẹ kun ìlà kejì ní funfun, ìlà kẹta dúdú, bẹ́ẹ̀ títí dé ìlà kẹjọ. Igun kan wà nínú ìlà kìíní, ìyẹn dúdú. Igun kejì wà nínú ìlà kẹjọ, ìyẹn funfun. Ẹ gé wọn. Dúdú ku 31, funfun ku 31. Ó dọ́gba! Ṣé ìyẹn wá sọ pé ó ṣeé tò? Rárá o. Dómínò tí ẹ tẹ́ sí òró máa bo dúdú kan àti funfun kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ tẹ́ sí ìbú máa bo dúdú méjì tàbí funfun méjì. Àwọ̀ yìí ò lè pàṣẹ fún dómínò, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun. Àwọ̀ ti pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ṣiṣẹ́ nítorí pé ó bá ìrísí dómínò mu: ohun kan náà ló ń gbà lọ́wọ́ dómínò gbogbo, ibi yòówù kó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí John McCarthy, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé àdììtú yìí kalẹ̀ ní 1964 gẹ́gẹ́ bí ìṣòro líle fún kọ̀ǹpútà tó ń wá ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ẹ kọ òfin dómínò fún un ní ilé kọ̀ọ̀kan: "ilé yìí gbọ́dọ̀ ní dómínò kan, kò gbọdọ̀ ní méjì." Kò sí dúdú, kò sí funfun nínú òfin yẹn. Ẹ̀rọ náà á máa dán an wò, á máa há, á máa tú u, bíi tèmi ní òru ọjọ́ yẹn. Àwọ̀ ò sí nínú ìbéèrè. Ẹni tó ń ronú ló ní láti mú un wá látìta.

Ibi tí àwọ̀ dúró

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, n ó sì jókòó. Bí dúdú àti funfun ò bá dọ́gba, kò ṣeé tò. Ìyẹn ti yé wa. Bí wọ́n bá dọ́gba ńkọ́? Ṣé ó ti ṣeé tò nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n gé dúdú kan àti funfun kan, ibi tó bá wù yín. Ẹ mú un: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan létí. Onímọ̀ ìṣirò kan, Ralph Gomory, fi hàn pé ibi yòówù kí ẹ mú, dómínò 31 máa bò ó. Ẹ̀rí rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ẹ ya ọ̀nà kan tó máa gba gbogbo ilé 64 kọjá, ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ lọ tààrà dé ọ̀tún. Ẹ gùn sí ìlà kejì, ẹ padà sí òsì, ṣùgbọ́n ẹ má wọ ilé tó wà ní etí òsì pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gun ìlà kẹta, ẹ tún lọ sí ọ̀tún. Ẹ máa lọ bí ejò títí dé ìlà òkè pátápátá. Ìlà yẹn ni kí ẹ gbà wọ etí òsì tí ẹ ti ń fi sílẹ̀, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ tààrà títí dé ibi tí ẹ ti gbéra.

Ọ̀nà yẹn ń lọ dúdú, funfun, dúdú, funfun, kò dáwọ́ dúró. Tí ẹ bá yọ dúdú kan àti funfun kan nínú rẹ̀, ó já sí apá méjì. Ẹ wo apá tó tẹ̀lé dúdú tí ẹ yọ: funfun ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ títí tó fi kan funfun tí ẹ yọ, nítorí náà dúdú ló fi parí. Funfun ló bẹ̀rẹ̀, dúdú ló parí, nítorí náà ilé rẹ̀ pín sí méjìméjì géérégé. Ẹ to dómínò tẹ̀ lé ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apá kejì, bákan náà. Bí dúdú àti funfun tí ẹ yọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, apá kan ṣoṣo ló máa kù, ilé 62, ẹ tò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Ẹ jẹ́ kí n gé mẹ́rin: dúdú méjì, funfun méjì. Ó ku 30 àti 30, ó dọ́gba. Mo fẹ́ yan funfun méjèèjì fúnra mi. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì jẹ́ dúdú, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo gé funfun tó wà lókè rẹ̀. Mo gé funfun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ gé dúdú méjì yín níbi tó jìnnà, ibi tó bá wù yín. Ẹ ka àwọ̀, ó dọ́gba rẹ́gí. Ẹ wá fi ojú yín wo igun náà. Dúdú kan jókòó síbẹ̀, kò ní aládùúgbò kankan. Dómínò wo ló máa bò ó?

Àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ fi pátákó yẹn hàn. Ó ka dúdú, ó ka funfun, ó ní ó ṣeé tò. Mo ní kó tò ó. Ó mú dómínò kan, ó gbé e lọ síhà igun, ó dúró, ó wo ojú mi, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, pátákó àti sáàsì wà níbí.